Mo tẹ́ káàdì tárò lórí ẹni tí mò ń fẹ́ tí ilé wa ò mọ̀, ẹ bá mi wò ó

Ràlíà_Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Orúkọ mi gan-an kọ́ nìyí, ẹ má bínú. Ilé mùsùlùmí ni wọ́n ti bí mi níbí ní Àjàṣẹ́, ẹni tí mò ń fẹ́ jẹ́ ọmọ Ẹ̀gùn, ìjọ Sẹ̀lẹ́ ló ń lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ nílé wa, tí wọ́n bá sì gbọ́ wọn ò ní gbà. Mo tẹ́ káàdì méje, mo ní tá a bá sọ fún wọn ńkọ́, tá a bá ṣì ń fi pa mọ́ ńkọ́. Ohun tó jáde rèé:

1 èmi: Idà Méjì
2 òun: Idà Méje
3 ohun tó wà láàrin wa: Ife Méjì
4 ohun tó pamọ́: Òṣùpá
5 ẹbí mi: Owó Mẹ́wàá, doríkodò
6 tá a bá sọ: Ọ̀pá Márùn-ún
7 tá a bá ń fi pa mọ́ lọ: Idà Mẹ́jọ

Ti ẹnì kejì yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ṣé ó ń tàn mí ni?

Kọ́lá_Wàǹdó

Àbúrò mi, mi ò ní purọ́ fún ẹ o. Idà Méje, olè ni. Wo àwòrán ẹ̀ dáadáa, ọkùnrin kan ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kúrò ní ibi tí wọ́n pàgọ́ sí, ó kó idà márùn-ún mọ́ra, ó ń bojú wẹ̀yìn bóyá wọ́n ti rí i. Tó bá jáde sí àyè ọkùnrin báyìí, nǹkan wà tó ń ṣe lẹ́yìn ẹ. Wá tún wo Òṣùpá níbi ohun tó pamọ́, irọ́ lórí irọ́ nìyẹn. Lójú tèmi o, yẹ fóònù ẹ̀ wò.

Alfa_Kékeré

Salámù aleikun. Arábìnrin, mi ò wá bú ẹ, ṣùgbọ́n ká bi káàdì léèrè ohun tó ń bọ̀, ẹ̀sìn wa ò gbà á. Istikhárà wà ńlẹ̀, kírun rakáà méjì, kó o gbé ọ̀rọ̀ ẹ fún Ọlọ́hun. Nípa ìgbéyàwó yẹn, obìnrin mùsùlùmí kì í fẹ́ ọkùnrin tí kì í ṣe mùsùlùmí, ohun tí bàbá ẹ máa sọ nìyẹn, kò sì sí káàdì tó máa yí i padà.

Ràlíà_Àjàṣẹ́

Alfa ẹ ṣé, mo gbọ́, inú ò bí mi. Mo mọ ohun tí bàbá mi máa sọ. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí màá ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà délẹ̀ láìjẹ́ pé ilé dàrú.

ÌyáKáàdì_Ṣábẹ

Ràlíà ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Kọ́lá rí àwòrán yẹn dáadáa, ọkùnrin tó ń yọ́ lọ ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ibi tó gbé e lọ ni mi ò bá a dé. Ọ̀rọ̀ àṣírí lo gbé wá síwájú káàdì. Tí Idà Méje tàbí Òṣùpá bá jáde sórí ọ̀rọ̀ àṣírí, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń rò ni pé káàdì ń ya ohun tí wọ́n bi í, kì í ṣe pé ó gbé ẹ̀sùn tuntun dé. Ọmọkùnrin yẹn ń yọ́ wá bá ẹ, ó ń yọ́ lọ. Ìwọ náà ń yọ́. Ká tó pè é ní ọ̀dàlẹ̀, káàdì mìíràn gbọ́dọ̀ wà tó máa jẹ́rìí sí i, èwo ló sì jẹ́rìí níbí? Ife Méjì ló wà láàrin yín, ọkùnrin àti obìnrin dojú kọra, oníkálukú gbé ife tiẹ̀ dání, káàdì náà dúró ṣánṣán. Ibẹ̀ ni ǹ bá ti rí ọ̀dàlẹ̀ ká ní ó wà, bóyá kó doríkodò tàbí kó jẹ́ Idà Mẹ́ta tó gún ọkàn ló jáde síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn idà tó kù. Méje ni, márùn-ún ló kó, méjì ṣì gún sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ò gbà á tán. Nítorí náà tí káàdì yìí bá jáde fún ẹnì kan, mo máa ń béèrè pé kí ni onítọ̀hún ò lè dá gbé. Ilé tiwọn ńkọ́, Ràlíà? Ṣé wọ́n mọ̀ ẹ́ níbẹ̀? O ò sọ ìyẹn rárá.

Ohun kejì, kó gbogbo káàdì náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó o kàn wò wọ́n lójú, má tíì ronú ìtumọ̀. Idà Méjì tó jáde fún ẹ, obìnrin kan jókòó, aṣọ dí i lójú, ó fi idà méjì ṣe àgbélébùú síwájú àyà, omi wà lẹ́yìn ẹ̀. Wá wo Idà Mẹ́jọ ní àyè keje, obìnrin ló tún wà níbẹ̀, aṣọ ló tún dí òun náà lójú, wọ́n ti wá fi aṣọ wé e lápá mọ́ra. Obìnrin àkọ́kọ́, ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi di idà mú, tó bá rẹ̀ ẹ́ á gbé e sílẹ̀. Èkejì ò rọ́wọ́ lò mọ́. Ohun tí mo kà níbẹ̀ ni pé dídákẹ́ tó o fọwọ́ ara ẹ yàn kí ìjà má bàa sí, tó bá pẹ́ jù á wá di ohun tó ń dè ẹ́. Àmọ́ wọn ò so ẹsẹ̀ obìnrin yẹn o, idà ò sì dí iwájú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní pè é ní ẹ̀wọ̀n.

Káàdì ńlá kan ṣoṣo ló tún wà nínú méjèèje, Òṣùpá yẹn. 22 ni káàdì ńlá nínú 78, tí wọ́n bá kéré báyìí mo máa ń kà á pé ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ èèyàn, pé kò tíì kọjá ohun tí ẹni tó ni ín lè sún síwá sẹ́yìn.

Bàbá_Ìdẹ̀nà

Ẹ̀yin ọmọ yìí, káàdì tí wọ́n fi ń ta bẹlọ́tì lábẹ́ igi náà lẹ wá fi ń wá ọkọ? Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ni ọkọ tí orí ẹ yàn, babaláwo wà ní Kétu níbí, lọ dá Ifá. Káàdì ò mọ orí ẹnìkan.

Àdùkẹ́_Kétu

Bàbá ẹ kú àgbà sà. Kò bi wọ́n pé ṣé ọkọ òun ni o, ó bi wọ́n pé ṣé kóun sọ fún ilé àbí kóun dákẹ́. Káàdì yẹn kì í sì í ṣe ti bẹlọ́tì gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò jìnnà sí i, eré náà ni wọ́n fi tárò bẹ̀rẹ̀ ní Ítálì ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn, ó pẹ́ gan-an kí àwọn ará Faransé tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wo ọ̀ràn.

Ràlíà, ọ̀rọ̀ ẹ bá mi láàyè kan. Ní tèmi kì í ṣe ẹ̀sìn, ilẹ̀ ni. Ilé wa àti ilé ọkọ mi ti ń jà lórí ilẹ̀ oko kan láti ayé bàbá bàbá wa, wọn kì í kí ara wọn, tí ẹnì kan nínú wọn bá kú gan-an, àwọn ará ilé wa ò ní lọ síbi òkú, a sì ń fẹ́ra wa ní ìkọ̀kọ̀ fún ìgbà tó pẹ́ débi pé mo ti ń gbàgbé irọ́ tí mo pa fún ta ni. Obìnrin kan tó ń tẹ́ káàdì ló wò ó fún mi, káàdì Mààséì tó jẹ́ ti Faransé ló ní, kì í ṣe irú èyí tí Ràlíà lò. Èyí tó jáde ni nọ́mbà 6, Olólùfẹ́. Nínú tiwọn kì í ṣe Ádámù àti Éfà ló wà níbẹ̀, ọmọkùnrin kan ló dúró sáàrin obìnrin méjì, ọ̀kan fọwọ́ lé e léjìká, ọ̀kan fọwọ́ kàn án láyà, ọmọ kékeré abìyẹ́ kan ń fa ọrun lókè. Ó ní èyí tó fọwọ́ lé e léjìká yẹn, ìyá ni, pé ìyá ọkọ mi ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, pé bàbá ẹ̀ kọ́. Èmi ti ń múra àtilọ bá bàbá láti bí oṣù mélòó kan, mo ti kọ́ ohun tí màá sọ sórí.

A rán àǹtí ọkọ mi sí ìyá náà lọ́jọ́ ọjà. Ìyá sunkún, ó gbà. Àwọn bàbá ò gbà, títí dòní àbúrò bàbá mi kan ò tíì wọ ilé mi, bẹ́ẹ̀ mo ti bímọ méjì. Mi ò sọ pé káàdì ló ṣe é o. Mo kàn sọ pé ó jẹ́ kí n mọ ẹni tí màá kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Kọ́lá_Wàǹdó

Màmá Ṣábẹ, ẹ̀ ń gbèjà ọmọkùnrin yìí jù. Òṣùpá ńkọ́? Ẹ ò sọ̀rọ̀ kan lórí Òṣùpá.

ÌyáKáàdì_Ṣábẹ

Òótọ́ ni, mo fò ó. Òṣùpá ló ṣòro jù níbẹ̀, mi ò sì ní ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tán. Ajá kan àti ìkookò kan ń gbó sókè, edé ńlá kan ń yọ jáde látinú omi, ọ̀nà kan gba àárín wọn kọjá lọ sáàrin ilé ìṣọ́ méjì. Ilẹ̀ ò mọ́, òkùnkùn ò sì ṣú tán, èèyàn ń rí òjìji, kò mọ̀ bóyá ajá ilé ni àbí ẹran igbó. Ó lè jẹ́ irọ́ bí Kọ́lá ṣe wí. Ó lè jẹ́ ẹ̀rù lásán. Bí mo ṣe máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé mo máa ń bi ẹni tó ni ọ̀rọ̀ pé kó sọ ohun kan tó fojú ara ẹ̀ rí tàbí tó fetí ara ẹ̀ gbọ́. Tó bá rí i sọ, a máa kà á sí irọ́ tó wà nílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé "ó ń ṣe mí bíi pé" ló ń sọ títí, ẹ̀rù ni. Ràlíà, èwo ni tìẹ?

Ọ̀rọ̀ fóònù yẹn, má ṣe é o. Tó o bá rí nǹkan níbẹ̀ o ò ní lè sọ bó o ṣe rí i, tó ò bá sì rí nǹkan, ọkàn ẹ ò ní balẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ ẹbí, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Àyè tó o kọ "ẹbí mi" sí, káàdì tó jáde níbẹ̀ ò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Wọn ò sí níbẹ̀ nígbà tó o ń da káàdì pọ̀, ọwọ́ tìẹ ló wà lára ẹ̀. Bó o ṣe ń rí wọn ló máa fi hàn ẹ́. Owó Mẹ́wàá jẹ́ káàdì agboolé: bàbá arúgbó kan jókòó síta ẹnu ọ̀nà, aṣọ ẹ̀ kún fún ọ̀ṣọ́, ajá méjì wà níwájú ẹ̀, tọkọtìyàwó kan dúró lábẹ́ ẹnu ọ̀nà ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọmọ kékeré kan rọra nawọ́ sí ajá. Ẹ wò ó dáadáa, àwọn méjì yẹn ò wo bàbá arúgbó náà rárá. Ajá nìkan ló kọjú sí i. Èyí tìẹ wá doríkodò, ìyẹn ni pé nínú orí ẹ, ilé ti dojú rú kó o tó sọ gbólóhùn kan.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ta ni bàbá arúgbó yẹn nílé yín. "Ẹbí" kì í ṣe èèyàn kan. Ẹnì kan wà tó jẹ́ pé tí ojú ẹ̀ bá rọ̀, ojú àwọn tó kù á rọ̀.

Ràlíà_Àjàṣẹ́

Màmá, ara mi bù máṣọ nígbà tí mo ka ìyẹn. Bàbá bàbá mi ni. Alàájì ni wọ́n, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ni wọ́n ń jókòó sí látàárọ̀, ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ gba iwájú wọn kọjá. Bàbá mi fúnra wọn kì í le, ohun tí Alàájì bá sọ ni wọ́n máa ń sọ.

Ẹ bi mí pé kí ni mo fojú rí. Mi ò rí nǹkan kan. Ẹ̀rù ni.

Mo sì bi í lánàá nípa ilé tiwọn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní òun ti sọ fún ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin tó wà ní Kútọ́nú, ó ti pẹ́ díẹ̀, pé òun ò sọ fún mi torí a ti jọ ṣàdéhùn pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Mi ò mọ̀ bóyá kí inú mi dùn ni àbí kó bà jẹ́.

Kọ́lá_Wàǹdó

Ẹ rí i! Mo sọ ọ́. Ó ń ṣe nǹkan lẹ́yìn ẹ̀.

Àdùkẹ́_Kétu

Kọ́lá, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀, kò lọ bá obìnrin míì. Àwọn ọ̀rọ̀ méjì yẹn ò jọra jàre.

Kọ́lá_Wàǹdó

Mi ò sọ pé obìnrin míì. Mo sọ pé wọ́n ní àdéhùn, ó yẹ̀ ẹ́, ó sì fi pa mọ́. Káàdì sọ bẹ́ẹ̀.

ÌyáKáàdì_Ṣábẹ

Kọ́lá ní ẹ̀tọ́ díẹ̀ níbẹ̀, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Àdéhùn yẹ̀, ó sì yẹ kí Ràlíà sọ fún un pé ó dun òun. Ṣùgbọ́n ká má yára yìn káàdì o. Káàdì ò dárúkọ ẹ̀gbọ́n kankan. Ràlíà ló lanu béèrè, òun ló lanu dáhùn. Ká ní ó ní òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni, a ì bá tún ti rí ohun tá a máa fi Idà Méje ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ̀rù kéèyàn fi káàdì dá ẹlòmíì lẹ́jọ́, ó máa ń bára mu jù lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti ṣẹ.

Ó kù àyè kẹfà àti ìkeje, ibẹ̀ náà lo ti béèrè. Má kà wọ́n bí àsọtẹ́lẹ̀ méjì. Kà wọ́n bí iye tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan máa ná ẹ. Ọ̀pá Márùn-ún, ọmọkùnrin márùn-ún ń fi igi bára wọn jà, aṣọ oníkálukú yàtọ̀, ariwo pọ̀, ṣùgbọ́n wò ó dáadáa, kò sí igi tó ba ẹnikẹ́ni, kò sí ẹni tó ṣubú. Owó tí sísọ máa ná ẹ nìyẹn: ariwo, kí ẹni márùn-ún máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu kò kò. Mi ò rí i pé wọ́n gbà níbẹ̀. Mi ò rí i pé wọ́n lé ẹ náà. Ti dídákẹ́ ni Idà Mẹ́jọ, ariwo ò sí níbẹ̀ rárá, obìnrin náà nìkan ló dá dúró, ilé wà lókè jìnnà lẹ́yìn ẹ̀. Ìwọ lo máa sọ èyí tó o lè san.

Ohun kan ṣoṣo tó máa mú mi yí ohùn padà ni tó bá jẹ́ pé wọ́n lè lù ẹ́ tàbí kí wọ́n tì ẹ́ mọ́lé. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, má fi káàdì wò ó mọ́, wá ibi tó o máa sùn kó o tó sọ̀rọ̀ ná.

Ràlíà_Àjàṣẹ́

Rárá màmá, wọn kì í lu èèyàn nílé wa. Dídákẹ́ ni wọ́n fi ń jẹni níyà.

Fálì_Àjàṣẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ èmi ò mọ káàdì o, ṣùgbọ́n òfin ẹbí tí wọ́n ṣe ní 2004 níbí ní Bẹ̀nẹ̀, tó o bá ti pé 18, ìwọ àti ẹni tó ò ń fẹ́ lẹ máa gbà, kò dọwọ́ bàbá. Ní mẹ́rì ni wọ́n ti ń so yín pọ̀, wọn kì í bi yín ní ẹ̀sìn.

Àdùkẹ́_Kétu

Ó dáa kó mọ̀ ọ́n. Àmọ́ mẹ́rì ò ní bá a jókòó síwájú Alàájì. Inú ilé yẹn náà ló máa padà sí tí wọ́n bá fẹ́ kómọ jáde.

Ràlíà_Àjàṣẹ́

Ẹ ṣé gbogbo yín. Màmá, ṣé kí n tún káàdì náà tẹ́? Mo ti tẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì sí i lẹ́yìn tí mo kọ ibí, ohun tó jáde ò bára mu mọ́.

ÌyáKáàdì_Ṣábẹ

Kò lè bára mu, ìbéèrè kan náà lò ń bi í, nǹkan kan ò sì tíì yí padà nílẹ̀. Fi sílẹ̀ títí ohun tuntun á fi ṣẹlẹ̀. Tí ọwọ́ ẹ ò bá gbé e jẹ́ẹ́, káàdì kọ̀ọ̀kan péré ni kó o ṣí fún àwọn tó o lè kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, dárúkọ wọn, má bi í pé ṣé wọ́n máa gbà. Bi í pé kí ni mo mọ̀ nípa ẹni yìí tí mi ò tíì rò. Kó o sì kọ ìdáhùn tìẹ sílẹ̀ kó o tó ṣí káàdì náà.

Ràlíà_Àjàṣẹ́

Àbúrò bàbá mi obìnrin ni mo kọ́kọ́ rò, Alàájì fẹ́ràn wọn ju gbogbo ọmọ lọ, àwọn nìkan ló lè jókòó tì wọ́n tí wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ife Mẹ́fà ló jáde. Tí àǹtí bá wá ní kí n dúró di ẹ̀yìn ààwẹ̀ ńkọ́?

ÌyáKáàdì_Ṣábẹ

Dúró. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí wọ́n dá ọjọ́ fún ẹ, kó o sì sọ ọjọ́ yẹn fún ọmọkùnrin náà, òun náà kó sọ fún ẹ tó bá tún fẹ́ bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀.

Àdùkẹ́_Kétu

Kó o sì bẹ àǹtí pé kí wọ́n má tíì sọ fún ìyàwó bàbá kankan o. Ibẹ̀ ni ti wa ti tú jáde kó tó yẹ.

Kọ́lá_Wàǹdó

Èmi ṣì dúró lórí Idà Méje o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àǹtí yẹn dáa, lọ bá wọn.